Òṣùwọ̀n Ọtí: Bí A Ṣe Ń Ka Ohun Tí Ó Wà Nínú Ìgò, Nínú Ife àti Nínú Agbè

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá síwájú yín lónìí kì í ṣe ìwàásù lórí bóyá ó yẹ kí ènìyàn mutí tàbí kò yẹ. Àwọn tí a yàn fún ìwàásù wà láàárín wa, wọn kò sì nílò ìrànlọ́wọ́ mi. Ọ̀rọ̀ ìṣirò ni ọ̀rọ̀ tèmi, ìṣirò tí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè ṣe, ṣùgbọ́n tí ọ̀pọ̀ àgbà tí ọtí ń kọjá lọ́fun wọn lójoojúmọ́ kò ṣe rí.

Bí a bá lọ síbi ìnáwó, tí a ti to bíà àti sítáotù sórí tábìlì, tí wáìnì pupa wà níwájú àwọn ìyá, tí ṣìnáàpù sì wà níwájú àwọn àgbà, ìbéèrè kan ṣoṣo ni a máa ń bi ẹni tí ó ń ta gọ́ọ́gọ́ lọ sílé: “Ìgò mélòó lo mu?” Ìdáhùn tí ó bá fún wa ni a ó fi dá a lẹ́jọ́. Bí ó bá ní méjì, a ó ní kò mu púpọ̀. Bí ó bá ní mẹ́fà, a ó kó ẹnu sí i lára. Bẹ́ẹ̀ ni ìgò kò jọ ìgò, ohun tí ó wà nínú wọn kò sì jọra. Kò sí ìyàwó ilé tí yóò gbà pé ṣíbí tàtàṣé kan àti ṣíbí ata rodo kan ń ta bákan náà nítorí pé ṣíbí kan náà ni a fi wọ̀n wọ́n, síbẹ̀ ohun tí a ń ṣe pẹ̀lú ọtí nìyẹn.

Ohun méjì ni a gbọ́dọ̀ mọ̀ nípa ọtí kí a tó lè kà á: bí ó ti pọ̀ tó, àti bí ó ti le tó. Bí ó ti pọ̀ tó ni a ń fi sẹ̀ńtílítà sọ: ìgò bíà ńlá jẹ́ 60, ìgò kékeré jẹ́ 33, ìgò wáìnì jẹ́ 75. Bí ó ti le tó ni nọ́ńbà tí àmì % wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lára ìgò náà, èyí tí ó ń sọ fún wa pé nínú ìdá 100 ohun tí ó wà nínú ìgò yìí, ìdá báyìí ni ògidì ọtí, ìyókù sì jẹ́ omi, adùn àti àwọ̀. Ògidì ọtí yìí ni ó ń pani; yálà láti inú ọkà bàbà ni ó ti wá ni o, láti inú èso àjàrà, tàbí láti inú ẹmu tí a sè tí ó di ògógóró, ọ̀kan náà ni nígbà tí ó bá dé inú ẹ̀jẹ̀.

Àwọn ará Ìlú Ọba wá mú òṣùwọ̀n kan jáde tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo èyí tí mo mọ̀, nítorí ìrọ̀rùn rẹ̀. Wọ́n ní mílílítà 10 ògidì ọtí, èyí tí ó jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 8 lórí ìwọ̀n, ni kí a máa pè ní òṣùwọ̀n kan. Láti rí i, ẹ fi nọ́ńbà líle ọtí náà sọ iye sẹ̀ńtílítà rẹ̀ di púpọ̀, kí ẹ sì pín ohun tí ẹ bá rí sí ọ̀nà 100. Ìgò bíà ńlá tí líle rẹ̀ jẹ́ ìdá 5: 60 lọ́nà 5 jẹ́ 300, pín in sí ọ̀nà 100, ó di òṣùwọ̀n 3. Ìṣirò náà parí síbẹ̀. Bí ìgò bá sì jẹ́ lítà kan gééré, kò sí ìṣirò kankan níbẹ̀ mọ́, nítorí nọ́ńbà líle rẹ̀ gan-an ni iye òṣùwọ̀n tí ó wà nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá mú ọkùnrin méjì, kí a pè wọ́n ní Àkànní àti Àlàó, kí wọ́n jókòó síbi ìnáwó kan náà láti agogo 7 alẹ́. Àlàó mu ìgò bíà kékeré mẹ́fà, tí líle rẹ̀ jẹ́ ìdá 5. Àkànní mu ìgò sítáotù ńlá mẹ́ta, irú èyí tí líle rẹ̀ jẹ́ ìdá 7 àti ààbọ̀. Ẹni tí ó bá ń ka ìgò yóò sọ pé Àlàó ti mu ìlọ́po méjì ohun tí Àkànní mu, ìyàwó Àlàó yóò sì bá a wí ní ọ̀nà ilé. Ṣùgbọ́n 33 lọ́nà 5 jẹ́ 165, èyí já sí òṣùwọ̀n 1.65 nínú ìgò kékeré kan; mẹ́fà rẹ̀ kò ju 9.9 lọ. 60 lọ́nà 7 àti ààbọ̀ jẹ́ 450, èyí já sí òṣùwọ̀n 4 àti ààbọ̀ nínú ìgò sítáotù kan. Mẹ́ta rẹ̀ jẹ́ 13 àti ààbọ̀. Àkànní tí gbogbo ènìyàn ń yìn pé ó mọ̀wọ̀n ara rẹ̀ ni ó mu jù.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Òṣùwọ̀n 3 tí ó wà nínú ìgò bíà ńlá kan náà ni ó wà nínú wáìnì sẹ̀ńtílítà 23 tí líle rẹ̀ jẹ́ ìdá 13, èyí tí ife wáìnì ńlá kan lè gbà láì kún. Òun náà ni ó sì wà nínú ṣìnáàpù tàbí jíìnì sẹ̀ńtílítà 7 àti ààbọ̀ tí líle rẹ̀ jẹ́ ìdá 40. Àwọn awakọ̀ tí wọ́n ń ra ọtí inú ọ̀rá pélébé ní ibùdókọ̀ máa ń sọ pé ohun tí ó wà níbẹ̀ kò ju kí a fi tu ọ̀fun lójú lọ. Sẹ̀ńtílítà 3 péré ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí líle rẹ̀ bá jẹ́ ìdá 43, ó ti lé ní òṣùwọ̀n kan àti ìdámẹ́rin. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì adìẹ.

Níbi tí ìṣirò yìí ti máa ń fọ́ mọ́ ọlọ́gbọ́n lọ́wọ́ ni ìgbà tí a kò bá mu ọtí láti inú ìgò tirẹ̀. A bu wáìnì fún ìyá kan, ó mu ún dé ìdajì, ọmọ tí ń pín ọtí kọjá, ó rọ sí i; ó tún mu díẹ̀, wọ́n tún rọ sí i, kò sì sí ìgbà kan tí ife rẹ̀ gbẹ kí ó lè sọ pé òun ti mu ife kan. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ iye tí ó mu kò gbọdọ̀ jẹ́ kí a rọ ọtí kún ọtí. Kí ó mu ife tán kí a tó bu òmíràn. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tí ó bu wisikí tí ó fi kóòkù tàbí yìnyín lé e: ife ti pọ̀ sí i, ẹnu kò sì gbọ́ bí ó ti ń ta mọ́, ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n tí ó wà níbẹ̀ kò dín ní ẹyọ kan.

Ní ti ife kékeré tí a fi ń mu ọtí líle nínú ilé, ẹ má fi ojú wọ̀n ọ́n. Ẹ mú ìdérí onílà tí a fi ń wọn oògùn olómi fún ọmọdé, èyí tí a kọ 5 àti 10 sí lára, kí ẹ rọ omi kún ife yín gẹ́gẹ́ bí ẹ ti máa ń bu ọtí sí i gan-an, kí ẹ sì máa dà á sínú ìdérí náà títí dé ìlà 10, kí ẹ máa kà á. Bí ó bá di ẹ̀ẹ̀márùn-ún kí omi tó tán, sẹ̀ńtílítà 5 ni ife yín ń gbà, òṣùwọ̀n 2 ni ẹ sì ń gbé mì nígbàkígbà tí ẹ bá mu ọtí tí ó jẹ́ ìdá 40. Ní ilé ọtí ní Ìlú Ọba, òfin ti so ọwọ́ ẹni tí ń ta jíìnì àti wisikí: mílílítà 25 tàbí 35 ni ìdá kan. Nínú ilé wa, ọwọ́ ọlọ́wọ́ ni òfin.

Ẹmu ni ó ṣòro jù nínú ohun tí à ń mu, ó sì dùn mí pé òun tí ó jẹ́ tiwa gan-an ni kò ní nọ́ńbà lára. Ẹmu tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé sọ̀kalẹ̀ láti orí ọ̀pẹ ní òwúrọ̀ dùn, nítorí ṣúgà rẹ̀ ṣì pọ̀, ọtí inú rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Ṣùgbọ́n ìwúkàrà tí ó wà nínú rẹ̀ kò dáwọ́ dúró, ó ń sọ ṣúgà yẹn di ọtí ní wákàtí wákàtí, tí ó fi jẹ́ pé ẹmu alẹ́ lè le tó bíà kí ó tó di kíkan pátápátá. Nítorí náà agbè kan náà tí a mu ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́ kì í ṣe ọtí kan náà. Bí adùn ti ń dín kù, tí ó ń hó, tí ó sì ń ta ahọ́n, ni ọtí ń pọ̀ níbẹ̀. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí a ka ẹmu tí ó bá ti kọjá ọ̀sán sí bíà onídàá 5, bí omi tilẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ní ti paraga, tí a fi egbò àti èèpo igi sínú ògógóró, ẹni tí ó pò ó fúnra rẹ̀ kò mọ líle rẹ̀. Ohun tí a kò bá lè wọ̀n ni kò ṣeé kà.

Ẹ kíyè sí ìdẹkùn méjì nínú ìwé àti lára ìgò àjèjì. Òṣùwọ̀n Amẹ́ríkà tóbi ju ti Ìlú Ọba lọ: gíráàmù 14 ni wọ́n ń lò níbẹ̀, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ń lo gíráàmù 10. Nígbà tí àwọn àgbà oníṣègùn ìjọba Ìlú Ọba sọ ní ọdún 2016 pé kí tọkùnrin tobìnrin má ṣe ju òṣùwọ̀n 14 lọ ní ọ̀sẹ̀, òṣùwọ̀n tiwọn ni wọ́n ń sọ. Ọmọ wa tí ó bá gbé 14 yẹn lọ sí Amẹ́ríkà, tí ó kà á ní tiwọn, yóò mu tó 25 kí ó tó dúró. Èkejì ni pé ẹ lè rí 80 lára ìgò ọtí líle Amẹ́ríkà. Nọ́ńbà àtijọ́ kan tí wọ́n ń pè ní púrúùfù ni, ìdajì rẹ̀ ni líle òtítọ́, ìdá 40.

Kí ni a wá ń ka òṣùwọ̀n fún? Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ẹ̀dọ̀ ènìyàn ń wẹ òṣùwọ̀n kan kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ ní bíi wákàtí kan. Ara kò dọ́gba: ó lè yá lára ẹnìkan, ó lè falẹ̀ lára ẹlòmíràn tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ń ṣàìsàn, ṣùgbọ́n kọfí kò lè mú un yá, omi tútù kò lè mú un yá, oorun pàápàá kò lè mú un yá. Bí a bá fi èyí kà á láti agogo 7 alẹ́ tí Àkànní àti Àlàó ti jókòó, Àlàó oníbíà mẹ́fà yóò ti mọ́ ní nǹkan bí agogo 5 ìdájí. Àkànní onísítáotù mẹ́ta yóò jí, yóò wẹ̀, yóò gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ ní agogo 6 láti wa àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sí Èkó, òṣùwọ̀n 2 àti ààbọ̀ yóò sì ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, èyí tí ó kù díẹ̀ kí ó pé odindi ìgò bíà ńlá kan. Agogo 8 àti ààbọ̀ ni ó yẹ kí ó gbéra, ó kéré tán.