«Aláìsàn Kọ Oúnjẹ»: Ta Ló Gbọ́ ọ Lẹ́nu Rẹ̀?



Ìyọ̀ǹda ni pé kí ẹni tí a ń tọ́jú mọ ohun tí a fẹ́ ṣe sí i, kí ó yé e, kí ó sì gbà láìsí ìfipáṣe. Àkọsílẹ̀ oúnjẹ ni ohun tí a kọ sínú fáìlì nípa ohun tó jẹ, ohun tí kò jẹ, àti ìdí rẹ̀. Ẹ ti mọ èyí, n kò ní fi àsìkò ṣòfò lórí rẹ̀. Gbólóhùn kan ló gbé mi wá. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń bá a jà: «Aláìsàn kọ oúnjẹ.»

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti bàbá kan. N kò ní dárúkọ wọn tàbí ilé ìwòsàn náà, mo sì ti yí ohun tó lè tú àṣírí wọn padà. Bàbá ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Iyè wọn ti ń ra fún ọdún mélòó kan kí àrùn rọpárọsẹ̀ tó kọ lù wọ́n lẹ́ẹ̀kejì. Ọjọ́ mẹ́ta léraléra ni wọ́n kọ ọ́ sí fáìlì pé aláìsàn kọ oúnjẹ. Kò sẹ́ni tó kọ irú oúnjẹ tó jẹ́, bóyá bàbá jókòó tàbí wọ́n dùbúlẹ̀, bóyá wọ́n wúkọ́ tàbí wọ́n pa ẹnu dé. Lọ́jọ́ kẹrin, wọ́n ki rọ́bà oúnjẹ bọ̀ wọ́n nímú. Ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ ni: «Ẹbí gbà.»

Ta ni ẹbí? Ọmọkùnrin tó san owó ìdúró ni. Ìwé tó sì fọwọ́ sí ni èyí tí wọ́n fún un níbi tí wọ́n ti ń gba káàdì, lọ́jọ́ tí ẹnikẹ́ni kò tíì dárúkọ rọ́bà. Bàbá fa rọ́bà náà yọ lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n fi báńdéèjì so ọwọ́ wọn mọ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n sì kọ ọ́ pé aláìsàn ń yọni lẹ́nu. Ìgbà tí bàbá tún fà á yọ lẹ́ẹ̀kẹta ni wọ́n tó pè mí.

A gbé bàbá jókòó dáadáa. Mo ní kí wọ́n po ògì kó ki, mo sì fi ṣíbí kékeré bù ú fún wọn. Mo wo ọ̀fun wọn bó ṣe ń lọ sókè sódò. Wọ́n gbé ṣíbí mẹ́rin mì, wọ́n pa ẹnu dé, wọ́n sì kọjú sí ògiri. Nígbà tí a fún wọn lómi, ikọ́ gbé wọn, ohùn wọn sì ń dún bí ẹni tí omi wà lọ́fun rẹ̀. Ẹ wò ó! Ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló sá pamọ́ sábẹ́ gbólóhùn kan. Ògì tó ṣàn bí omi ń gba ọ̀nà ọ̀run, èyí tó ki ń lọ, nígbà tó sì tó wọn, wọ́n ní ó tó. Ẹni tí kò lè gbé mì kò kọ oúnjẹ. Ẹni tó ti yó kò kọ oúnjẹ. Ẹni tí ara rẹ̀ ti ń palẹ̀ mọ́ kì í béèrè oúnjẹ mọ́, ìyẹn náà kì í ṣe kíkọ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn ni ọmọbìnrin tó ń bá wọn gbé ti ọjà dé. Òun ló ti ń bọ́ wọn láti ọdún méjì. Ó ní nígbà tí rọ́bà wà nímú ìyá òun, bàbá sọ pé, «Bó bá kàn mí, ẹ má fi èyí sí mi nímú.» Gbogbo ilé ló gbọ́ ọ. Ilé ìwòsàn nìkan ni kò gbọ́ ọ, nítorí kò sẹ́ni tó bi wọ́n.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan ṣì ń sọ títí di òní pé ọ̀rọ̀ ìyọ̀ǹda kì í ṣe ti Yorùbá, pé ẹbí ló ni aláìsàn, kí àkọ́bí ṣáà ti fọwọ́ sí i. Mo ti dá wọn lóhùn nínú ìpàdé, mo ti dá wọn lóhùn nínú ìwé, màá tún dá wọn lóhùn lónìí. Yorùbá ló ní ojú olójú kò jọ ojú ẹni. Ilé wo ni ọmọ ti ń pín ogún bàbá nígbà tí bàbá ṣì jókòó síbẹ̀? Ẹbí ṣe pàtàkì púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí ni wọ́n, wọn kì í ṣe olówó ara bàbá. Nítorí náà, ẹ má bi ẹbí pé, «Kí lẹ fẹ́ ká ṣe?» Ẹ bi wọ́n pé, «Bí bàbá bá lè sọ̀rọ̀, kí ni wọ́n á sọ? Ìgbà wo lẹ gbọ́ ọ lẹ́nu wọn?» Ìbéèrè àkọ́kọ́ máa ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn ọmọ. Èkejì máa ń mú wọn rántí.

Òfin pàápàá ti sọ̀rọ̀. Ní 1991, obìnrin kan tó jẹ́ Ẹlẹ́rìí Jèhófà kọ̀ kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí òun lára, ó sì fọwọ́ sí ìwé. Dókítà Okonkwo gbà á láìfa ẹ̀jẹ̀ sí i. Obìnrin náà kú, ìgbìmọ̀ tó ń bá àwọn dókítà wí sì dá Okonkwo dúró lẹ́nu iṣẹ́ fún oṣù mẹ́fà. Ẹjọ́ náà dé Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ. Ní 2001, àwọn adájọ́ ní àgbàlagbà tí orí rẹ̀ pé lè kọ ìtọ́jú, bí kíkọ̀ náà tilẹ̀ lè já sí ikú. Ìwé tó fọwọ́ sí ló bá a sọ̀rọ̀ nígbà tí kò sí níbẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ yìí ní ibi tó mọ: orí obìnrin yẹn pé nígbà tó kọ̀. Ní ti bàbá tí iyè rẹ̀ ti ra, ohun tó sọ nígbà tí ọpọlọ rẹ̀ pé ni a ó máa wá. Òfin Ìlera ti 2014 sì ní kí a ṣàlàyé fún aláìsàn ní èdè tó gbọ́, títí kan ẹ̀tọ́ rẹ̀ láti kọ̀ àti ohun tó lè ti ibẹ̀ jáde. Fọ́ọ̀mù òyìnbó tí a nà sí i níbi káàdì kò dé ibẹ̀.

Wọ́n á ní, «Ṣé ẹ fẹ́ kí ebi pa bàbá wa ni?» Ọ̀rọ̀ yìí wúwo, mo sì bọ̀wọ̀ fún un. Ẹni tí rọpárọsẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ lù lè nílò rọ́bà fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ títí ọ̀fun rẹ̀ yóò fi padà bọ̀ sípò. Ẹ fi í sí i, ẹ dá ọjọ́ tí ẹ ó tún un yẹ̀ wò, kí ẹ sì kọ ọjọ́ náà sílẹ̀. Kí oúnjẹ tó gba ibẹ̀ kọjá, ẹ yẹ omi tí ẹ bá fà jáde wò kí pH rẹ̀ má ju 5.5 lọ, tàbí kí ẹ ya fọ́tò àyà. Fífẹ́ atẹ́gùn sí i kí a sì tẹ́tí sí ikùn kò tó. Ṣùgbọ́n fún ẹni tí iyè rẹ̀ ti ra dé ìpele tó kẹ́yìn, ìwádìí kò fi hàn pé rọ́bà ń fa ẹ̀mí gùn, kò sì dá oúnjẹ dúró kó má gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró. Bíbọ́ ọ lọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀, bó bá ṣe fẹ́ tó, àti fífi omi tu ètè rẹ̀ lára, ìtọ́jú ni.

Alága ti ń na aago sí mi, nítorí náà ọ̀rọ̀ mi lórí àṣírí aláìsàn yóò kúrú. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, mo rí yín tí ẹ ń ya abọ́ oúnjẹ aláìsàn sórí Wásáàpù, ti káàdì orí bẹ́ẹ̀dì sì hàn nínú fọ́tò. Ẹ jáwọ́. Bí ìwé «oúnjẹ onítọ̀ ṣúgà» bá wà lára ògiri, àlejò gbogbo ti mọ àìsàn ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Ìwé oúnjẹ kò nílò orúkọ àìsàn. Ohun tí yóò jẹ àti bí yóò ṣe ki tó ti tó. Òfin 2014 náà ní kí a má tú ọ̀rọ̀ aláìsàn síta láìjẹ́ pé ó fọwọ́ sí i, tàbí pé òfin ló pa á láṣẹ.

Ní ti bàbá, a kò dá rọ́bà padà. Ohun tí a kọ sí fáìlì nìyí: «Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. A fi Yorùbá ṣàlàyé fún ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin. Ọmọbìnrin sọ ohun tí bàbá sọ nígbà tí ara wọn dá: “Ẹ má fi èyí sí mi nímú.” Àwọn méjèèjì gbà. Ògì tó ki, ṣíbí kékeré, ní ìjókòó. Bí wọ́n bá pa ẹnu dé, ká dúró.» Bàbá lo ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sí i. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn, a kò so ọwọ́ wọn mọ́ bẹ́ẹ̀dì mọ́.