Agogo Kì Í Dúró De Pòtétò: Bí A Ṣe Lè Pín Ìṣẹ́jú 80 Fún Pírátíkà

   

Lónìí, mo fẹ́ sọ ohun kan tó dójú tì mí. Ilé-ẹ̀kọ́ Sátidé kan wà ní Tòróńtò níbí tí àwọn òbí Yorùbá dá sílẹ̀. Wọ́n ní kí n wá ṣe pírátíkà sáyẹ́ǹsì fún àwọn ọmọ ọdún 12 sí 14, torí pé nọ́ọ̀sì ni mí. Wọ́n fún mi ní píríọ́ọ̀dù méjì tó so mọ́ra wọn, ìṣẹ́jú 40 lọ́nà méjì, bíi ti sẹ́kọ́ńdìrì nílé. Mo ní, há, ìṣẹ́jú 80! Kí ni mo fẹ́ fi gbogbo rẹ̀ ṣe?

Agogo lù, pòtétò ṣì wà nínú omi. Ọmọbìnrin kan yọ tiwọn jáde, ó tẹ̀ ẹ́, ó ní, "Àǹtí, kí ló dé tí tiwa fi rọ̀ báyìí?" Kí n tó lanu, ìyá rẹ̀ ti dé ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú kóòtù rẹ̀ lọ́wọ́. Ìbéèrè yẹn gan-an ni mo torí rẹ̀ gbé pòtétò wá, mi ò sì dáhùn rẹ̀. Èmi nìkan ló kù tí mò ń fọ ife títí ọ̀sán fi pọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí à ń ṣe. Ọsimósìsì ni. A gé pòtétò sí igi kéékèèké, a wọ̀n wọ́n, a rì wọ́n sínú omi lásán tàbí omi iyọ̀ fún ìṣẹ́jú 30, a tún wọ̀n wọ́n. Èyí tó wà nínú omi lásán á fa omi mu, á wúwo sí i, á sì le. Èyí tó wà nínú omi tí iyọ̀ rẹ̀ pọ̀ á pàdánù omi, á fúyẹ́, á sì rọ̀. Kò le rárá. Kí ló wá jẹ ìṣẹ́jú 80 mi?

Mo rò pé ìṣẹ́jú 30 tí pòtétò fi ń mu omi ni. Irọ́ ni. Nígbà tí mo délé, mo jókòó, mo kà á. Ẹgbẹ́ mẹ́fà ni àwọn ọmọ náà pín sí, mo sì fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ife mẹ́rin. Ìwọ̀n 24 nìyẹn. Ìwọ̀n kan ṣoṣo ló wà, kí ọmọ gbé nǹkan lé e, kí nọ́ńbà dúró, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀, ìṣẹ́jú kan ti lọ. Nítorí náà, ìṣẹ́jú 24 la lò kí pòtétò tó wọ omi, a sì tún nílò ìṣẹ́jú 24 mìíràn tó bá jáde. Ìṣẹ́jú 48 lórí ìlà! Orí ìlà ni kíláàsì mi kú sí. Gbogbo wa la mọ ìlà yìí: bí ẹ bá ń ṣètò ọjọ́ iṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù, ẹ kì í ka aláìsàn nìkan, ẹ máa ń ka ẹ̀rọ ìfúnpá tó wà.

Nígbà kejì, mo yá ìwọ̀n kejì. Lẹ́yìn náà, mo dín ife kù. Oríṣi omi mẹ́ta péré ni mo pò: omi lásán, omi tó ní iyọ̀ gíráàmù 9 nínú lítà kan, àti omi tó ní gíráàmù 100 nínú lítà kan. Èyí tó jẹ́ gíráàmù 9 yẹn, òun ni àwa nọ́ọ̀sì ń fà sí aláìsàn lára, mo fẹ́ kí wọ́n rí i pé pòtétò kì í yí padà púpọ̀ nínú rẹ̀. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan gba oríṣi omi méjì, kì í ṣe mẹ́ta. Ìwọ̀n 12 ló kù, orí ìwọ̀n méjì, ìṣẹ́jú 6. Oríṣi omi kọ̀ọ̀kan sì ní ẹgbẹ́ mẹ́rin tó ṣe é, a lè pa nọ́ńbà wọn pọ̀.

Mo po omi iyọ̀ lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀. Mo fi ẹ̀rọ tí a fi ń gé ṣíìpùsì gé pòtétò ní òwúrọ̀, mo fi omi bò wọ́n fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kó má baà dúdú. Àwọn ọmọ gé tiwọn sí sẹ̀ǹtímítà 4 pẹ̀lú rúlà. Igi mẹ́ta ni wọ́n ń wọ̀n pọ̀, ó tó bíi gíráàmù 13. Ìdí rẹ̀ ni pé ìyípadà náà lè má tó gíráàmù kan. Tí ìwọ̀n yín bá ń ka odindi gíráàmù nìkan, ẹ ò ní rí nǹkan kan. Ẹ wá èyí tó ń ka ìdá mẹ́wàá gíráàmù. Kí wọ́n sì fi tíṣù nù ún gbẹ bákan náà nígbà méjèèjì, torí ẹ̀kán omi tó lẹ̀ mọ́ ọn lè parọ́ fún yín.

Bó ṣe lọ rèé. Ìṣẹ́jú 5 àkọ́kọ́, mo sọ ohun tí a fẹ́ ṣe, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Gígé àti nínù gbà wá títí di ìṣẹ́jú 13, ìwọ̀n bẹ̀rẹ̀, ife tó kẹ́yìn wọ omi ní ìṣẹ́jú 19. Mo ní kí oníkálukú lẹ téèpù mọ́ ife rẹ̀ kí ó kọ àkókò tó wọlé sí i. Ẹni tó kọ́kọ́ wọlé ni yóò kọ́kọ́ jáde, gbogbo wọn á lo ìṣẹ́jú 30 gééré, ìlà ò sì ní tò lẹ́ẹ̀kan náà.

Nígbà tí pòtétò wà nínú omi, a ò jókòó. Wọ́n fọ ọ̀bẹ, wọ́n nu tábìlì, ìdajì pípalẹ̀mọ́ ti parí nìyẹn. Lẹ́yìn náà, kálukú kọ ohun tó rò pé yóò ṣẹlẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú bírò, kò gbọdọ̀ pa á rẹ́. Àríyànjiyàn yẹn dùn, ẹ ò bá wà níbẹ̀!

Ìṣẹ́jú 43 sí 50, pòtétò jáde, a wọ̀n ọ́n. Ìṣẹ́jú 50 sí 58, ife di fífọ̀. Kí ìjíròrò tó bẹ̀rẹ̀ ni mo ní kí wọ́n fọ ife, torí lẹ́yìn agogo kò sẹ́ni tó ń fọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n pòtétò fúnra rẹ̀ wà lórí tíréè, kò sẹ́ni tó dà á nù.

Ìṣẹ́jú 22 ló kù fún ọ̀rọ̀. Ẹgbẹ́ kan ní gíráàmù 13.0 nínú omi lásán, ó di 13.5. Wọ́n ní 12.9 nínú omi iyọ̀ líle, ó di 11.8. A pín ìyàtọ̀ náà sí iye tí a fi bẹ̀rẹ̀: àkọ́kọ́ fi bíi ìdá 4 nínú 100 wúwo sí i, èkejì fi bíi ìdá 8 àti ààbọ̀ fúyẹ́. Ọmọbìnrin ọjọ́sí mú igi kan nínú èyí tó rọ̀, ó tẹ̀ ẹ́ bí ọrun, ó ní, "Omi inú rẹ̀ ló jáde lọ bá iyọ̀, àbí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Ṣé ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi fa omi lásán sí ènìyàn lára?" Ẹ̀yin èèyàn mi, ìṣẹ́jú 6 la lò lórí ìyẹn nìkan: sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ kò ní awọ líle bíi ti pòtétò, tí omi bá pọ̀ jù nínú rẹ̀, yóò bẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe olùkọ́ ní Òntáríò, ó ṣeé ṣe kí píríọ́ọ̀dù yín jẹ́ ìṣẹ́jú 75. Nínú gígé ni kí ẹ ti yọ ìṣẹ́jú 5, ẹ gé e sílẹ̀ pátápátá. Tí ife tó kẹ́yìn ò bá sì tíì wọ omi ní ìṣẹ́jú 25, ẹ sọ ọ́ di ìṣẹ́jú 20 nínú omi fún gbogbo wọn, kò gbọdọ̀ jẹ́ fún àwọn kan nìkan. Ìyípadà á kéré, àmọ́ nọ́ńbà á ṣeé fi wéra. Tí ìwọ̀n bá kọ̀ pátápátá, ẹ tẹ igi náà: èyí tó le àti èyí tó rọ̀ kò nílò bátìrì.

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ewé àti ayódíìnì la fẹ́ ṣe. Sítóòfù ni ìlà tibẹ̀ máa tò sí, mo ti ń kà á.