Lẹ́tà Ìdíje Ìwé Kíkà

Lẹ́tà tí àwọn ọmọ yín mú bọ̀ láti ilé-ìwé ni a fẹ́ bá yín sọ. Olùkọ́ wọn ń pè yín sí ìdíje ìwé kíkà. Ó ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan máa ka ìwé sókè sí òbí rẹ̀ létí fún ìṣẹ́jú 15 lálaalẹ́, fún ọ̀sẹ̀ 4. Iye alẹ́ tí gbogbo kíláàsì bá kà ni wọn yóò rò pọ̀. A kò ní wá ẹni tí ó ṣe ipò kìíní.

Ìwé pélébé kan wà nínú lẹ́tà náà. Àyè mẹ́rin ni wọ́n fà sí i: ọjọ́, orúkọ ìwé, ojú-ìwé tí ọmọ kà, àti orúkọ òbí. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń kọ orúkọ yín báyìí, ẹ má tẹ̀ka o! Ẹ kọ ọ́.

Ká ní Aláwìíyé ni ọmọ ń kà. Lọ́jọ́ Ajé, ó ka ojú-ìwé 8 sí 10. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ fọwọ́ sí i. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó ka 11 àti 12, ṣùgbọ́n ó ń kọsẹ̀. Lọ́jọ́rú, ẹ pẹ́ lọ́jà, kò kà rárá. Ẹ kọ “Kò kà.” Lọ́jọ́bọ̀, ó tún 11 àti 12 kà, ó sì já geere. Ẹ kọ ìyẹn náà. Àtúnkà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀.

Àwọn òbí kan a máa fọwọ́ sí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ní alẹ́ tí ó kẹ́yìn. Ọmọ ni ìyà rẹ̀ ń jẹ. Olùkọ́ yóò rò pé ó ti mọ̀ ọ́n kà, yóò sì fún un ní ìwé tí ó le jù ú lọ.

Ọmọ gbọ́n o! Ẹlòmíràn ti há ojú-ìwé náà sórí. Ẹ fi ọwọ́ bo àwòrán, kí ẹ tọ́ka sí ọ̀rọ̀ kan láàrin ìlà, kí ó pè é. Bí ó bá ń padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ìlà kí ó tó lè pè é, kò tíì mọ ọ̀rọ̀ náà. Bí ó bá dúró, ẹ mú sùúrù díẹ̀, kí ó gbìyànjú, kí ẹ tó pè é fún un. Ẹ má gbá a létí. Ọ̀rọ̀ tí kò bá mọ̀, kí ó ká ìka kan. Bí ìka ọwọ́ kan bá ká tán ní ojú-ìwé kan ṣoṣo, ìwé náà ti le jù. Ẹ kọ “Ó le” sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, olùkọ́ yóò pààrọ̀ ìwé náà fún un.

Ọjọ́ Ẹtì ni olùkọ́ ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ fi sínú àpò ọmọ lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, kí epo ọbẹ̀ má baà kàn án.