Ẹlẹ́yìn-dídí Tàbí Ẹlẹ́yìn-ṣíṣí: Hẹ́dífóònù Wo Ni Ó Yẹ fún Gbígba Orin Sílẹ̀?

Ní ilẹ̀ Yewa, láti Ìlaròó títí dé Ayétòrò, àti ní òdìkejì ẹnubodè ní agbègbè Kétu, orin ẹ̀fẹ̀ ni ó ń ṣí ọdún Gẹ̀lẹ̀dẹ́ lóru. Ẹnu akọrin ni ọ̀rọ̀ wà, ìlù ni ó sì ń gbé e rìn. Láti ọdún 2008 ni àjọ Yunẹ́sikò ti kọ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sínú ìwé ogún-ìní aráyé tí kì í ṣe ohun àfọwọ́bà, ní orúkọ Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò. Nítorí náà, kò yani lẹ́nu pé àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ń fẹ́ gba irú orin bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, àríyànjiyàn kan máa ń dìde: bí owó tí ó wà nílẹ̀ kò bá ju ti hẹ́dífóònù kan ṣoṣo lọ, èwo ni kí a rà, ẹlẹ́yìn-dídí ni tàbí ẹlẹ́yìn-ṣíṣí?

Ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì kò ṣòro láti mọ̀. Nínú ìdérí kọ̀ọ̀kan tí ó ń bo etí ni awọ tín-ín-rín kan wà tí ó ń gbọ̀n láti mú ohùn jáde. Bí ó ti ń ti afẹ́fẹ́ síwájú sínú etí ni ó ń ti í sẹ́yìn pẹ̀lú. Lára ẹlẹ́yìn-dídí, ike líle dí ẹ̀yìn náà pa, ohùn kò sì rí ọ̀nà jáde tó bẹ́ẹ̀. Lára ẹlẹ́yìn-ṣíṣí, àwọ̀n ni ó wà níbẹ̀: ohùn inú ń jáde, ti ìta náà sì ń wọlé. Ilé-iṣẹ́ Sennheiser ti ilẹ̀ Jámánì ni ó kọ́kọ́ gbé irú èyí jáde fún títà, ní ọdún 1968. HD 414 ni wọ́n pè é.

Àpẹẹrẹ kan yóò fi ohun tí ìyàtọ̀ yìí ń fà hàn. Ká ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ìlaròó ní yàrá kan àti maikirofóònù kan. Wọ́n gba ìlù sílẹ̀ láàárọ̀, ìyáàlù àti ọmọlé. Nígbà tí ó di ọ̀sán, obìnrin kan tí ó mọ orin náà dáadáa wá síwájú maikirofóònù. Ó gbé hẹ́dífóònù ẹlẹ́yìn-ṣíṣí sórí, ó ń gbọ́ ìlù àárọ̀, ó sì ń kọrin sí i. Orin náà dùn, gbogbo ènìyàn sì yọ̀. Ní ọjọ́ kejì ni wọ́n ṣàkíyèsí pé onílù ọmọlé ṣi ìlù lù níbì kan. Wọ́n pè é padà, ó tún ibẹ̀ lù, wọ́n sì fi tuntun rọ́pò àtijọ́. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n tẹ́tí, ìlù méjì ni wọ́n gbọ́: tuntun tí ó tọ̀nà, àti àṣìṣe àtijọ́ tí ó ń dún kíkí lẹ́yìn ohùn obìnrin náà. Ìlù ti jáde láti ẹ̀yìn hẹ́dífóònù, ó sì ti bá ohùn akọrin wọ maikirofóònù.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ bóyá irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀, kí ó pa ohùn ìlù lẹ́nu mọ́, kí ó fi ohùn akọrin nìkan sílẹ̀, kí ó sì tẹ́tí sí ibi tí akọrin ti ń mí. Bí ìlù bá ń dún níbẹ̀, ó ti jò wọlé nìyẹn. Èyí tí ó wà níbi ìmí ṣeé gé kúrò. Èyí tí ó wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ gan-an kò ṣeé yọ láìba ọ̀rọ̀ náà jẹ́. Nítorí náà ni ó fi dára kí a dán an wò kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀: kí akọrin gbé hẹ́dífóònù sórí, kí ó dákẹ́, kí a lu ìlù sí i létí bí yóò ti rí nígbà iṣẹ́, kí a gba ìdákẹ́jẹ́ náà sílẹ̀, kí a sì gbọ́ ọ.

Ẹlẹ́yìn-dídí ni ó tọ́ sí ibi iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n òun náà ní èèwọ̀ tirẹ̀. Bí akọrin bá wé gèlè tí ó bo etí, tìmùtìmù hẹ́dífóònù kò ní lẹ̀ mọ́ awọ ara. Ohùn wíwúwo ìyáàlù yóò sá lọ níbẹ̀, akọrin yóò sì ní kí a fi kún ìlù, bẹ́ẹ̀ ni ìlù yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Kí a ká gèlè kúrò létí ni oògùn rẹ̀, kì í ṣe kí a fi kún ohùn. Èkejì ni pé ohùn ẹni máa ń dún wúù nínú orí nígbà tí a bá dí etí pa, àwọn akọrin mìíràn a sì ṣí etí kan sílẹ̀ láti gbọ́ ara wọn. Ó yẹ kí a pa ohùn etí tí ó ṣí náà, nítorí òun gan-an ni ó kọjú sí maikirofóònù.

Nígbà tí ó bá di pípò ohùn pọ̀, ọ̀rọ̀ yí padà. Kò sí maikirofóònù nílẹ̀ mọ́, jíjò kò sì pa ẹnikẹ́ni lára. Ìwọ̀n ni ó kù: báwo ni ìlù ṣe gbọdọ̀ tó sí ohùn? Lára ẹlẹ́yìn-dídí, ohùn tí ó há sẹ́yìn ń kọlu ike, ó ń padà, ó sì sábà máa ń mú kí ohùn wíwúwo wú ju bí ó ti yẹ lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ a rò pé ìyáàlù ti pọ̀ jù, a dín in kù. Nígbà tí orin bá dé inú ọkọ̀, ìyáàlù a ti gbẹ. Ẹlẹ́yìn-ṣíṣí kò tan etí jẹ tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí jẹnẹrétọ̀ bá ń kùn lẹ́yìn fèrèsé, kò wúlò, nítorí ariwo náà yóò bo ohun tí a fẹ́ wọ̀n. Àwọn méjèèjì sì ní àléébù kan náà: etí ọ̀tún kì í gbọ́ ti òsì rárá, bí ó ti máa ń gbọ́ ọ nínú yàrá. Nítorí náà, ìdájọ́ ìkẹyìn kò tọ́ sí hẹ́dífóònù nìkan. Kí a gbé orin náà lọ sórí rédíò kékeré àti sínú ọkọ̀.

Èwo wá ni kí ilé-ẹ̀kọ́ olówó kékeré rà? Bí iṣẹ́ rẹ̀ bá jẹ́ pípo ohùn tí àwọn ẹlòmíràn ti gbà sílẹ̀ nìkan, ẹlẹ́yìn-ṣíṣí ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń gba orin sílẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹlẹ́yìn-dídí ni kí ó kọ́kọ́ rà. Àpòpọ̀ tí kò dára ṣeé tún ṣe lọ́la, lọ́tùn-únla, tàbí lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá. Akọrin tí ó ti darúgbó lè má sí mọ́ láti tún orin rẹ̀ kọ. Ẹyin lohùn, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀: bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́.