Wákàtí Tí A Kì Í Kà

Ká ní oníbàárà kan ní kí o bá òun édíìtì fídíò 30 ìṣẹ́jú. O rò ó pé wákàtí 6 ni, ₦5,000 ní wákàtí kan, o sì pe ₦30,000. Ṣùgbọ́n ìpè, Wọ́ọ̀sáàpù, gbígba fáìlì àti bíbéèrè owó gba wákàtí 2. Àtúnṣe ẹ̀ẹ̀mejì tún gba wákàtí 2. Gbogbo rẹ̀ di 10, ìyẹn ni pé ₦3,000 péré lo gbà ní wákàtí kan. ₦50,000 ló yẹ kí o pè.

Kọ ọ́ sínú àdéhùn pé àtúnṣe 2 ló wà nínú owó náà. Owó ọ̀tọ̀ ni ẹ̀kẹta. Kí o sì máa kọ àkókò sílẹ̀ bí o ṣe ń ṣiṣẹ́, títí kan ìpè ìṣẹ́jú 10. Òun ni wàá fi ṣírò iṣẹ́ tó kàn.