Ogun Òru àti Ẹ̀rí Aago

Ní ọdún 2007, oníṣègùn ọpọlọ méjì, Àìná àti Fámúyìwá, kọ àpilẹ̀kọ kan fún àwọn onímọ̀ káàkiri àgbáyé, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ tí gbogbo wa mọ̀ ṣe àkọlé rẹ̀: Ogun Òru. Wọ́n kọ ohun tí àwọn èèyàn wa gbà pé ó ń fà á sílẹ̀, ìyẹn ọkọ tàbí aya ọ̀run tó ń bá ti ayé jà, àti oúnjẹ tí wọ́n fún èèyàn jẹ lójú àlá. Wọ́n wá fi kún un pé ohun mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló lè wà lábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo yìí: kéèyàn fi igbe ta jí, kéèyàn máa rìn lójú oorun, kí oorun de èèyàn mọ́lẹ̀, àti wárápá tó ń múni lóru.

Bí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá jọra lójú ará ilé, kí ni oníṣègùn fi ń yà wọ́n sọ́tọ̀? Ohun àkọ́kọ́ tó máa béèrè ni pé, aago mélòó ló ṣẹlẹ̀?

Ìdí ìbéèrè yẹn kò hàn sí ẹnikẹ́ni kí ọdún 1953 tó dé. Lóòótọ́, Hans Berger, oníṣègùn kan ní ìlú Jena ní Jámánì, ti so wáyà mọ́ orí èèyàn láti ọdún 1924, ó sì rí i pé iná tín-ín-rín inú ọpọlọ ń jáde bí ìgbì. Àmọ́ ọ̀pọ̀ onímọ̀ ṣì gbà pé bí oorun bá ti gbé èèyàn lọ, ọpọlọ náà sinmi, ó di àárọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Yunifásítì Ṣìkágò, Eugene Aserinsky, ló tú àṣírí náà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1951, ó so wáyà mọ́ orí àti ẹ̀gbẹ́ ojú ọmọ rẹ̀, Armond, ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ẹ̀rọ ògbólógbòó ló ń lò. Nígbà tí òru jìn, gègé tó ń kọ ìgbì sórí bébà bẹ̀rẹ̀ sí í fò sókè sódò bí ẹni pé ọmọ náà ti jí. Ó wọlé lọ wò ó. Ọmọ ń sùn, ojú rẹ̀ sì ń sáré lábẹ́ ìpéǹpéjú. Ní 1953, òun àti ọ̀gá rẹ̀, Nathaniel Kleitman, gbé ìròyìn náà jáde: oorun kan wà tí ọpọlọ fi ń ṣiṣẹ́ bíi ti ẹni tó lajú. Bí wọ́n bá jí èèyàn láàárín rẹ̀, ó sábà máa ń rọ́ àlá. Ẹ jẹ́ ká pè é ní oorun àlá.

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti lè ya àwòrán òru kan pérépéré. Ẹni tó bá ń tòògbé, ìgbì ọpọlọ rẹ̀ á kọ́kọ́ falẹ̀ díẹ̀. Bẹ́ ẹ bá fọwọ́ kàn án, á ní òun ò tíì sùn. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan, oorun gidi á mú un. Lẹ́yìn náà ni oorun àsùnwọra á dé, tí ìgbì ńláńlá á máa rọra wá, ọ̀kan tàbí méjì ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Oorun àlá ló máa ń kẹ́yìn, kí gbogbo rẹ̀ tó tún bẹ̀rẹ̀. Ìyípo kan ń gbà tó àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú, mẹ́rin tàbí márùn-ún sì ni lóru kan.

Ṣùgbọ́n àwọn ìyípo náà kò rí bákan náà. Bí èèyàn ṣe ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀, èròjà kan tó ń jẹ́ ádẹ́nósìn ń pọ̀ sí i nínú ọpọlọ, òun ló ń mú kí ojú wúwo. Oorun àsùnwọra ni ọpọlọ kọ́kọ́ ń fi san gbèsè náà, nítorí náà ìbẹ̀rẹ̀ òru ló pọ̀ sí. Oorun àlá ní tirẹ̀ ń tẹ̀ lé aago abẹ́nú tí ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́ ń tún ṣe lójoojúmọ́, ìdájí ló sì ń gùn jù.

Ẹ wá fojú inú wo ilé kan tí gbogbo wọn sùn ní aago mẹ́wàá. Ní aago mọ́kànlá ààbọ̀, ọmọ ọdún márùn-ún fò dìde, ó figbe ta, ojú rẹ̀ là, àyà rẹ̀ ń já, òógùn bò ó. Ìyá rẹ̀ pè é, kò mọ ìyá. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ ó tún sùn, nígbà tó sì di àárọ̀, kò rántí nǹkan kan. Inú oorun àsùnwọra nìyẹn ti wá: apá kan ọpọlọ jí, ìyókù ṣì wà nínú ìgbì ńlá. Inú oorun kan náà ni ìrìn ojú oorun ti ń wá. Ibà àti àìsùntó lè fà á. Bí wọ́n bá ń gbo ọmọ náà jìgìjìgì, wọ́n lè mú kó pẹ́ sí i. Kí wọ́n gbé ohun tó lè ṣe é léṣe kúrò lọ́nà, kí wọ́n dúró tì í.

Ní aago márùn-ún ìdájí, ẹ̀gbọ́n ìyá ọmọ náà lajú. Ó rí àjà, ó ń gbọ́ ohùn àkùkọ, ṣùgbọ́n kò lè gbé ìka. Nǹkan wúwo kan jókòó lé e láyà, ó sì dá a lójú pé ẹnì kan wà nínú yàrá. Oorun ló dè é mọ́lẹ̀. Èyí kò jọ ti ọmọ náà rárá, nítorí pé gbogbo rẹ̀ ló máa rántí.

Ọ̀gbẹ́ni Michel Jouvet ní ìlú Lyon ní Faransé ló tan ìmọ́lẹ̀ sí i. Ní 1959, ó kíyè sí àwọn ológbò tó ń sùn, ó sì rí i pé nígbà tí ọpọlọ wọn bá wọ oorun àlá, ọ̀pọ̀ iṣan ara wọn á rọ pátápátá. Ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, jíà ni kò wọlé. Ìsàlẹ̀ ọpọlọ ló ń ránṣẹ́ sí ọ̀pá ẹ̀yìn pé kó má jẹ́ kí apá àti ẹsẹ̀ gbọ́. Nígbà tí Jouvet ba ibi tí àṣẹ náà ti ń wá jẹ́, àwọn ológbò náà bẹ̀rẹ̀ sí í dọdẹ lójú oorun.

Ìdè yẹn ló yẹ kó tú kí èèyàn tó lajú. Nígbà mìíràn ojú á ti là, ìdè kò tíì tú. Iṣan tó pín àyà sí ikùn ṣì ń mí, ojú náà ṣì ń yí, àmọ́ iṣan ìhà ti dákẹ́. Bí èèyàn bá fẹ́ mí kanlẹ̀, kò ní lè ṣe é, ibẹ̀ sì ni ohun wúwo orí àyà ti ń wá. Àlá tí kò tíì tán ló ń dá àlejò inú yàrá. Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, ó ti lọ. Ní 1989, Ohaeri àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Nàìjíríà léèrè, ó sì lé díẹ̀ ní ẹnì kan nínú mẹ́rin tó ti ṣẹlẹ̀ sí. Nítorí náà, kì í ṣe àmì wèrè.

Àìsùntó, sísùn ní wákàtí tó ń yí padà, àti fífẹ̀yìn lélẹ̀ sùn máa ń mú un wá. Obì tí èèyàn jẹ lálẹ́ kó má bàa sùn náà lọ́wọ́ sí i, torí pé kaféènì inú obì ń gba ipò ádẹ́nósìn, èèyàn á rò pé oorun kò kùn òun, bẹ́ẹ̀ gbèsè ṣì wà nílẹ̀. Ó lè tó wákàtí márùn-ún kí ìlàjì kaféènì náà tó kúrò lára.

Àmọ́ ẹ̀rí aago ní ibi tó ń tàn mọ. Wárápá lè múni nígbàkígbà, ó tiẹ̀ lè tó ẹ̀ẹ̀mélòó kan lóru kan ṣoṣo. Bó bá ń rí bákan náà gẹ́lẹ́ nígbà gbogbo, tí ọwọ́ kan náà ń le, tí èèyàn ń gé ahọ́n jẹ tàbí tọ̀ sára, a ò gbọ́dọ̀ pè é ní àlá. Bákan náà, ẹni tí oorun ń dè léraléra, tí oorun òjijì sì ń gbé lọ lọ́sàn-án níbi tó ti ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, ní àìsàn mìíràn tó yẹ ká yẹ̀ wò. Kí ẹni tó wà nílé kọ wákàtí rẹ̀ sílẹ̀, kó fi fóònù ya fídíò rẹ̀ bó bá ṣeé ṣe, kí wọ́n sì gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ oníṣègùn, yálà ní ilé ìwòsàn ìkọ́ni ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ìdó-Èkìtì tàbí èyí tó bá sún mọ́ wọn.