Nígbà Tí Ipá Omi Bá Pọ̀ Ju Ohun Tí Ilé Lè Gbà

 

Ọ̀rọ̀ fáálù adínpákù ni wọ́n ní kí n sọ, pàápàá fún àwọn onílé àdúgbò Àgọ́ Palace, ní Ìsọlọ̀. Kí a tó lọ jìnnà, ó yẹ kí a sọ ọ́ pé ọ̀pọ̀ ilé níbẹ̀ kò nílò rẹ̀ rárá. Kànga ẹ̀rọ ni wọ́n gbẹ́, wọ́n gbé táńkì sókè, omi sì ń tibẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Bí omi bá ga ní mítà 10, ipá báà 1 ni ó ń mú wá. Nítorí náà, bí ojú omi inú táńkì bá fi mítà 11 ga ju ẹ̀rọ omi ìsàlẹ̀ ilé lọ, báà 1 àti díẹ̀ péré ni ẹ̀rọ náà yóò rí. Ẹni tí ó bá ta fáálù fún irú onílé bẹ́ẹ̀ ti gba owó rẹ̀ lásán.

Ilé tí ọ̀rọ̀ kàn ni èyí tí omi ń wọ̀ tààrà láìgba orí táńkì. Ó lè jẹ́ omi ìjọba, ó lè jẹ́ omi àjọlò ẹ́síteètì, ó sì lè jẹ́ pọ́ńpù tí onílé so mọ́ páìpù ilé. Ẹ wo ti pọ́ńpù. Bí ó bá lè ti omi gòkè dé mítà 80, tí ojú omi kànga sì fi mítà 20 jìn sí ilẹ̀, mítà 60 ni ó kù. Nígbà tí gbogbo ẹ̀rọ omi bá wà ní pípadé, ìsàlẹ̀ ilé yóò máa gba báà 6. Síbẹ̀, kì í ṣe fáálù ni kí onílé yìí kọ́kọ́ rà. Kí ó yí swíìṣì tí ń dá pọ́ńpù dúró wálẹ̀, kí ó máa kú ní báà 3 àbọ̀. Fáálù wà fún ẹni tí kò ní àṣẹ lórí ibi tí omi ti ń wá.

Báwo ni a ṣe ń mọ̀? Páìpù a máa lu gbì bí a bá ti ẹ̀rọ omi pa lójijì. Omi a máa ṣàn lóru nínú táńkì ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Rọ́bà abẹ́ báńsìn a bẹ́. Ṣùgbọ́n géèjì ni ẹlẹ́rìí òdodo. Ẹ so ó mọ́ ẹ̀rọ omi kan, ẹ pa àwọn yòókù, kí ẹ sì wò ó ní òru, nígbà tí àwọn aládùúgbò kò pọn omi mọ́. Òfin púlọ́ńbà tí ó wọ́pọ̀ ní Amẹ́ríkà ní kí a fi fáálù yìí sí i bí ipá bá kọjá nǹkan bí báà 5 àbọ̀.

Wàyí o, ká ní géèjì ka 6. Ẹ̀yìn fáálù ńlá tí ń pa omi ilé ni a óò fi adínpákù sí, kí páìpù tó yà sí ibikíbi. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí omi ṣàn dáadáa kí ó fọ iyanrìn inú páìpù jáde. Kí asẹ́ wà níwájú fáálù, kí géèjì wà lẹ́yìn rẹ̀, kí ọfà ara rẹ̀ sì kọjú sí ibi tí omi ń lọ. Yúníọ̀nù ni kí a fi dè é, kí a lè tú u fọ̀ lọ́jọ́ iwájú. Lẹ́yìn èyí, ẹ tú síkúrù orí rẹ̀ títí sípíríǹgì yóò fi dẹ̀, ẹ ṣí omi díẹ̀díẹ̀, ẹ pa gbogbo ẹ̀rọ inú ilé, kí ẹ wá máa dè é títí géèjì yóò fi ka 3. Bí ó bá kọjá, ẹ tú síkúrù díẹ̀, ẹ ṣí ẹ̀rọ omi kan, ẹ tún pa á, kí ẹ tó kà á. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ipá àtẹ̀yìnwá tí a há mọ́ inú páìpù ni ẹ ń kà.

Ẹ tún géèjì wò ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Bí ó bá ti gun orí 6 padà láìsí ẹni tí ó fọwọ́ kàn án, ìdọ̀tí ti há sẹ́nu fáálù, tàbí rọ́bà inú rẹ̀ ti jẹ. Ilé tí omi rẹ̀ ń fi ìpẹtà sílẹ̀ yóò máa rí èyí lemọ́lemọ́, bí wọn kò bá ń fọ asẹ́.

Ohun kan kù fún ilé tí ó ní ẹ̀rọ amómigbóná. Omi tí ó gbóná a máa wú. Tẹ́lẹ̀, ó lè tì padà sínú páìpù ìta. Adínpákù ti dí ọ̀nà yẹn báyìí, ipá yóò sì máa ga sí i nínú ilé. Nítorí náà ni a ṣe ń so táńkì kékeré tí afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀ mọ́ páìpù omi tútù tí ń bọ́ ẹ̀rọ náà, kí omi tí ó wú lè rí ibi wọ̀. Bí fáálù ààbò ara ẹ̀rọ náà bá ń kán nígbà tí omi ń gbóná, àmì pé táńkì yìí kò sí tàbí pé kò ṣiṣẹ́ mọ́ ni. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dí fáálù ààbò náà pa nítorí omi tí ó ń kán: ẹ̀rọ amómigbóná tí kò ní ibi tí yóò mí sí lè bẹ́ mọ́ ènìyàn lórí.